Ara gbígbóná ní ọjọ́ 11 lẹ́yìn kẹmotẹ́rápì: máàkì 21, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, àti ìdí tí aláìsàn kò fi padà sílé

Obìnrin ẹni ọdún 44 ni aláìsàn yìí. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń gba ìtọ́jú fún, ó sì ti gba kẹmotẹ́rápì ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn dọkisorubisíìnì pẹ̀lú saikilofọ́sífámáìdì, ní ọjọ́ 11 ṣáájú. Ìsẹ́yìn ló ń gbé. Ní agogo 9:10 alẹ́ ni àbúrò rẹ̀ gbé e dé ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. A kó ìṣẹ̀lẹ̀ yìí jọ láti ara ohun tí a sábà máa ń rí, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó.

Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ara rẹ̀ ti ń gbóná. Ohun tí gbogbo ilé kọ́kọ́ rò ni ibà ẹ̀fọn, nítorí náà wọ́n ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, oníkẹ́mísìtì sì fi sípíró kún un. Parasitamọ́ọ̀lù ló ń mú ara rẹ̀ rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà ooru á tún padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, kò sì lè dá dìde lórí ibùsùn mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n wọkọ̀.

Ohun tí nọ́ọ̀sì wọ̀n nìyí: ooru ara 38.6°C lẹ́nu, ìfúnpá 104/62, ìlù ọkàn 124 ní ìṣẹ́jú kan, èémí 24, ọ́síjìn 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wọn kílò 68. Egbò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ògì nìkan ló ń lọ lẹ́nu rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ti pẹ́ tó ti tọ̀. Inú rẹ̀ rọ̀, kò dùn ún. Àyà rẹ̀ mọ́. Kò ní rọ́bà kankan tí wọ́n fi sínú iṣan ọrùn tàbí ti àyà. Ojú ibi tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kẹmotẹ́rápì sí lọ́wọ́ kò pọ́n, kò sì wú.

Ohun méjì nínú fáìlì rẹ̀ ló yí ìtọ́jú rẹ̀ padà. Àkọ́kọ́, ìfúnpá rẹ̀ ní kíláníìkì ní oṣù tó kọjá jẹ́ 136/84. Èkejì, ṣáájú kẹmotẹ́rápì àkọ́kọ́, ó ní àrùn ìtọ̀. Lábù gbin ìtọ̀ náà, kòkòrò Ẹ. kólì ló hù, wọ́n sì kọ ESBL síwájú orúkọ rẹ̀, àmì pé ọ̀pọ̀ antibáyọ́tíìkì kò ràn án.

Ìdí tí ara gbígbóná nìkan fi tó

Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ni oògùn méjèèjì yìí ń pa, ti jẹjẹrẹ tàbí òmíràn. Mùdùnmúdùn eegun, níbi tí niutirofíìlì, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀, ti ń jáde, wà nínú wọn. Awọ inú ẹnu àti ti ìfun náà wà nínú wọn. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn irú kẹmotẹ́rápì yìí ni niutirofíìlì máa ń kéré jù lọ, ìgbà náà gan-an sì ni awọ ìfun ṣì ní egbò. Kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun láti ọjọ́ pípẹ́ á wá gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní bá ẹni tí yóò dá a dúró níbẹ̀.

Niutirofíìlì ló ń di ọyún. Níbi tí kò bá ti sí, ọyún kì í gbá jọ, ara kì í wú, àwòrán àyà lè mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ sì lè má fi sẹ́ẹ̀lì funfun kankan hàn. Nítorí náà, bí a kò bá rí ibi tí àrùn wà lára irú aláìsàn yìí, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé àrùn kò sí. Ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí a ó rí kí ìfúnpá tó já.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀lé ni pé ooru ẹnu tó bá dé 38.3°C lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó dé 38.0°C tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, ni a ó kà sí ara gbígbóná. Kí niutirofíìlì sì wà lábẹ́ 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí kó jẹ́ pé yóò já wálẹ̀ dé ibẹ̀ láàárín wákàtí 48. Abíyá máa ń fi ooru tó kéré ju ti ẹnu hàn. A kì í ki tẹ̀mómítà sí ìdí ẹni tó wà ní ipò yìí, a kì í fa omi sí i ní ìdí pẹ̀lú, nítorí awọ ibẹ̀ lè ya kí kòkòrò gba ibẹ̀ wọlé. Parasitamọ́ọ̀lù tó ti lò kì í jẹ́ kí tẹ̀mómítà sọ òótọ́: bí aláìsàn bá sọ pé òtútù gbọ̀n òun nílé tí ooru rẹ̀ wá jẹ́ 37.4°C lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí a gbà.

Wákàtí àkọ́kọ́

Abẹ́rẹ́ antibáyọ́tíìkì gbọ́dọ̀ wọ ara aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú 60 tó dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó máa ń jẹ ìṣẹ́jú yìí tán kì í sábà jẹ́ àìmọ̀. Ìdúró ni. Wọ́n á ní kí lábù kọ́kọ́ ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ẹbí lọ sanwó ní fámásì kí wọ́n sì gbé oògùn wá. Lábù lè gba wákàtí méjì lóru. Ẹbí tó wá láti Ìsẹ́yìn lè má tíì rówó tí yóò tó.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é bó ṣe yẹ, àpótí kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pàjáwìrì tí ìwọ̀n àkọ́kọ́ oògùn náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú omi tí a ó fi pò ó. Nọ́ọ̀sì á lò ó, ẹbí á sì rà á dípò lẹ́yìn. Ètò kékeré yìí ń gba ẹ̀mí là ju ẹ̀rọ olówó ńlá èyíkéyìí lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kò sì dúró de iye niutirofíìlì: ẹni tó bá gba kẹmotẹ́rápì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́yìn tí ara rẹ̀ ń gbóná, bí ẹni tí niutirofíìlì rẹ̀ ti já ni a ó ṣe tọ́jú rẹ̀ títí èsì yóò fi sọ nǹkan mìíràn.

Lára aláìsàn wa, ní agogo 9:25 ni kánúlà wọlé. A fi kilọ́héẹ̀sídíìnì tó ní ọtí nínú nu awọ apá fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, a sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú awọ tí kò tíì gbẹ ni kòkòrò ara awọ ti máa ń bọ́ sínú ìgò tó sì ń ṣi dókítà lọ́nà lẹ́yìn náà. A fi ọtí nu ìdérí ìgò. Ìgò ìgbinkòkòrò méjì láti apá ọ̀tún, méjì láti apá òsì, mílílítà 10 ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù nínú ìgò ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí kòkòrò tó wà níbẹ̀ kì í fi hù. Bí aláìsàn bá ní rọ́bà inú iṣan ńlá, ìgò kan á ti inú ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan wá, òmíràn á sì ti apá wá. Bí iṣan bá ṣòro rí, a kì í wá a ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí oògùn tó wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló lọ fún kíka sẹ́ẹ̀lì, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ṣúgà, lákítéètì tó máa ń ga bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ara tó, àti àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ibà lásán ni?” Ìbéèrè àbúrò rẹ̀ nìyí, ó sì tọ́ kó bi í, nítorí ibà ẹ̀fọn wà lóòótọ́ níbi tí a ń gbé. Àyẹ̀wò ni a fi ń dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì, ṣùgbọ́n oògùn kòkòrò kì í dúró dè é. Àyẹ̀wò kíá tó fi ìlà méjì hàn lè jẹ́ ti ibà tí wọ́n ti tọ́jú ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ ibà tuntun pàápàá, kò sọ pé bakitéríà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá wà, a ó tọ́jú méjèèjì. Ti aláìsàn wa kò fi ibà hàn, ní kíá àti lórí gíláàsì.

Máàkì 21

Èsì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dé ní agogo 10:20, lẹ́yìn tí oògùn ti wọlé. Sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 0.9, ìyẹn 900 nínú máíkírólítà kan. Niutirofíìlì jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
900 x 12 / 100 = 108
```

Bí lábù bá ka àwọn tí kò tíì gbó, a ó fi kún un kí a tó ṣírò. Pílátílẹ̀tì, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, jẹ́ 74,000, lákítéètì 2.8, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Òṣùwọ̀n MASCC, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, ni a fi ń mọ ẹni tí ewu rẹ̀ kéré. Máàkì ni a ń fún ẹni tí kò ní ìṣòro, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í: àìní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń mú máàkì 4 wá, kì í ṣe níní in. Bí tirẹ̀ ṣe rí: ara rẹ̀ kò yá níwọ̀nba, 3, ìfúnpá òkè ju 90 lọ, 5, kò ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, 4, jẹjẹrẹ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, 4, omi gbẹ lára rẹ̀ dé ibi tí dírípù fi pọn dandan, òdo dípò 3, ilé ló wà nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, 3, kò tíì pé ọdún 60, 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21 nínú 26. Ẹni tó bá ní 21 sókè ni òṣùwọ̀n yìí pè ní ẹni tí ewu rẹ̀ kéré.

Bí a bá tẹ̀ lé iye yìí nìkan, obìnrin yìí lè gba oògùn ẹnu kó sì máa lọ sílé. A kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe òṣùwọ̀n náà. 90 nìkan ló bèèrè nípa ìfúnpá. Kò bèèrè pé kí ni ìfúnpá ẹni náà nígbà tí ara rẹ̀ yá. Láti 136 sí 104, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ, ọkàn ń lù ní 124 láti dí àlàfo náà, èémí ti yára, lákítéètì sì ti ga. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò tíì ṣubú. Nínú ìwádìí tí òṣùwọ̀n náà ti jáde, nǹkan bí 91 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní 21 sókè ni kò bá ìṣòro ńlá pàdé. Àwọn 9 tó kù náà ní 21 sókè.

Òṣùwọ̀n kejì wà fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ tó sì dà bíi pé ara rẹ̀ fìdí múlẹ̀. CISNE ni wọ́n ń pè é. Àìlè dìde lórí ibùsùn fún un ní máàkì 2, egbò ẹnu tí kò jẹ́ kó jẹ oúnjẹ líle fún un ní 1, monosáìtì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, tó wà lábẹ́ 200 sì fún un ní 1. Ó di 4. Ti èyí yàtọ̀ sí MASCC, ewu ni máàkì tó bá pọ̀ ń fi hàn, láti 3 sókè ni ewu ńlá sì ti bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò fẹnu kò, ojú tó wo aláìsàn sì ti dá ẹjọ́ náà ṣáájú wọn.

Ẹni tí ewu rẹ̀ kéré lóòótọ́ wà, ó sì yẹ kó lọ sílé. Sípíró 750 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ pẹ̀lú ọ́gúmẹ́ntììnì ni oògùn rẹ̀. Yóò lo ti àkọ́kọ́ níwájú wa, a ó sì wò ó fún wákàtí 4 ó kéré tán. Ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí fóònù àti ọkọ̀ sì wà. Èyí kò bá obìnrin yìí mu: Ìsẹ́yìn jìnnà, ẹnu rẹ̀ kún fún egbò, ó sì ti lo sípíró fún ọjọ́ méjì tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ẹni tí sípíró ti kùnà lára rẹ̀, a kì í tún fi sípíró rán an lọ sílé.

Oògùn wo?

Oògùn tó bá máa ṣiṣẹ́ níbí gbọ́dọ̀ pa kòkòrò inú ìfun, kó sì pa kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sudomónáàsì, nítorí òun ló ń yára pa ẹni tí kò ní niutirofíìlì jù. Sẹfutiriásóònù tí a ń lò fún ohun gbogbo kò pa Sudomónáàsì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀ka pàjáwìrì nìyí: wọ́n á fún aláìsàn ní gíráàmù méjì rẹ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n á sì rò pé àwọn ti ṣe ohun tó yẹ. Aago dára, oògùn kò dára.

Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, piperasilíìnì-tasobákítáàmù gíráàmù 4.5 ní wákàtí 6-6, tàbí sẹ́fẹpíìmù gíráàmù 2 ní wákàtí 8-8, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti obìnrin yìí yàtọ̀ nítorí lẹ́tà ESBL tó wà nínú fáìlì. Kòkòrò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ẹnsáìmù tó ń gé sẹfutiriásóònù àti sẹ́fẹpíìmù sí méjì. Piperasilíìnì-tasobákítáàmù lè dà bíi pé ó ń pa á nínú àwo lábù, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí MERINO ti ọdún 2018, lára àwọn tí Ẹ. kólì tàbí Kilẹbisẹ́là tó kọ sẹfutiriásóònù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, 12.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ 30 nínú àwọn tó gba òun, 3.7 sì ni nínú àwọn tó gba mẹropẹ́nẹ̀mù. Kòkòrò tó ti wà nínú ìtọ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn sábà máa ń wà nínú ìfun síbẹ̀. Nítorí náà, mẹropẹ́nẹ̀mù ni a mú.

Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀ lóru: ó ṣeé fún ní kíá. A pò gíráàmù 1 mọ́ mílílítà 20 omi abẹ́rẹ́, a sì rọra tì í wọ iṣan fún ìṣẹ́jú 5. Ní agogo 9:42 ó ti wọlé tán, ìṣẹ́jú 32 lẹ́yìn tó dé. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 1 ní wákàtí 8-8. A dá omi oníyọ̀ mílílítà 500 sí i lára láàárín ìṣẹ́jú 20, a tún ìfúnpá wọ̀n, a sì tún dá 500 sí i. Ó di 118/70, ìlù ọkàn sì wálẹ̀ sí 106.

A kò fi fankomáísíìnì kún un. Èyí máa ń ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé oògùn púpọ̀ ni ààbò púpọ̀. Ìdí tí a fi ń lò ó ni rọ́bà iṣan tó ti bàjẹ́, awọ ara tó ní àrùn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ìfúnpá tó já, tàbí kòkòrò orí awọ tó hù nínú ìgò. Kò ní èyíkéyìí. Kíndìnrín rẹ̀ ni yóò kàn san owó rẹ̀. A kò fún un ní amikéésíìnì náà, àmọ́ a kọ ọ́ sílẹ̀ dè é: bí ìfúnpá òkè bá já sí abẹ́ 90 lẹ́yìn omi, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 1, lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pe ẹ̀ka ìtọ́jú alágbára. Abẹ́rẹ́ inú ẹran ìdí kò sí nínú ètò náà rárá: pílátílẹ̀tì ti kéré, ẹ̀jẹ̀ lè gbá jọ sínú ẹran, kòkòrò sì lè tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e

Ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kòkòrò hàn ní nǹkan bí wákàtí 14. Ní ọjọ́ kẹta, lábù sọ orúkọ rẹ̀: Ẹ. kólì tó kọ sẹfutiriásóònù, sípíró àti jẹ́ntámáísíìnì, tí mẹropẹ́nẹ̀mù àti amikéésíìnì sì ń pa.

Ara rẹ̀ ṣì gbóná ní ọjọ́ kejì, 38.4°C. Ibí yìí ni ọwọ́ ti máa ń yun dókítà láti yí oògùn padà. Ara ẹni tó ní jẹjẹrẹ tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ lè gba nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó tutù, ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lè gba ọjọ́ 5, bí oògùn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ìfúnpá bá dúró, tí ìtọ̀ ń jáde, tí ojú rẹ̀ sì là ju ti àná lọ, a kì í yí oògùn padà nítorí tẹ̀mómítà nìkan. Ohun tí a ń ṣe ni pé a tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Inú ni a kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn, pàápàá ìsàlẹ̀ ọ̀tún, nítorí ìfun ibẹ̀ lè wú nígbà tí niutirofíìlì kò sí, ó sì lè ya. Bí ara bá ṣì ń gbóná ní ọjọ́ 4 sí 7 láìsí ìdí tí a mọ̀, àrùn olú ni a ó máa wá, a ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀.

Kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ooru wálẹ̀ sí 37.1°C, ní ọjọ́ karùn-ún niutirofíìlì di 620. Mẹropẹ́nẹ̀mù pé ọjọ́ 7 kí a tó dá a dúró. Kò sí oògùn ẹnu tó ṣeé fi rọ́pò rẹ̀, nítorí lábù ti sọ pé sípíró kò ní ṣiṣẹ́.

Kẹmotẹ́rápì kẹta kò gbọ́dọ̀ di ìdajì, nítorí ìwòsàn pátápátá ni wọ́n ń wá fún un. A sún un síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì dúró kí niutirofíìlì kọjá 1,500. Filígírásítíìmù, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara ṣe niutirofíìlì sí i, máíkírógíráàmù 300 lábẹ́ awọ lójoojúmọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn kẹmotẹ́rápì, yóò sì máa bá a lọ títí niutirofíìlì yóò fi padà sókè. A kì í fi abẹ́rẹ́ yìí sí ọjọ́ kẹmotẹ́rápì fúnra rẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó bá jí dìde ni oògùn náà yóò pa.

Àbúrò rẹ̀ gba tẹ̀mómítà ẹnu kan àti káàdì kan lọ sílé. Ohun tí a kọ sí káàdì náà ni orúkọ kẹmotẹ́rápì, ọjọ́ tí ó gbà á, ọ̀rọ̀ “Ẹ. kólì ESBL, mẹropẹ́nẹ̀mù gíráàmù 1”, àti pé bí ooru bá dé 38.0°C tàbí òtútù bá gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi parasitamọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí wọ́n sì wọkọ̀.